Ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú júrì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìgbèjà tẹ́ẹ̀sì dókítà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ló máa ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lemọ́lemọ́ bí ọjọ́ ìgbèjà wọn bá ti ń súnmọ́. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó díjú.

Kí ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú oníṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún, ìgbà wo ni wọ́n sì máa ń béèrè rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń gbèjà tẹ́ẹ̀sì máa sọ ni, lẹ́yìn tí alága júrì bá ti ṣí ìjókòó, kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kí ó fi han júrì ohun tí tẹ́ẹ̀sì náà fi kún ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, gbangba ni ìgbèjà ti máa ń wáyé, ìgbéjáde tí a mọ̀ sì sábà máa ń tó 20 ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún máa ń wọlé nígbà tí yunifásítì ibí àti ti òkè òkun bá jọ ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò sì ti mọ ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì lára. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, olùyẹ̀wò méjì tó ti ka gbogbo ìwé náà máa ń jókòó nínú yàrá pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì ní kó kọ́kọ́ sọ àfikún iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣókí. Ó tún máa ń wọlé nígbà tí júrì bá wà káàkiri orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ bára wọn sọ̀rọ̀, tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò sì ṣeé gbọ́kàn lé.

Èyí tó máa ń ká èèyàn mọ́ lójijì ni ìgbà tí alága bá sọ lórí ìjókòó pé, «Gbogbo wa ti ka iṣẹ́ yín. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ohun tuntun tó wà níbẹ̀ fún wa.» Nítorí náà, bí ẹ bá tiẹ̀ ti múra fún 20 ìṣẹ́jú, kí ti márùn-ún wà lọ́wọ́ yín ní kíkọ sílẹ̀.

Ṣebí àkótán tẹ́ẹ̀sì ni? Ṣé mi ò kàn lè ka àkékúrú tó wà níwájú ìwé mi?

Rárá. Àkékúrú wà fún ẹni tí kò tíì ka ìwé náà, ó sì gbọ́dọ̀ sọ nípa ohun gbogbo díẹ̀díẹ̀. Júrì ti kà á. Wọ́n mọ iye orí tó ní, wọ́n mọ ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni bóyá ẹ̀yin fúnra yín mọ ohun tí ẹ ṣe, àti bóyá ẹ lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe.

Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ pé ẹ ti ṣubú sínú àkótán ni pé gbólóhùn yín ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Orí kìíní sọ nípa…», «Orí kejì dá lórí…». Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ pa á rẹ́, ẹ má wulẹ̀ tún un ṣe.

Kí là ń pè ní àfikún gan-an, báwo ló sì ṣe yàtọ̀ sí àbájáde?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà. Àbájáde ni ohun tí ẹ rí nínú iṣẹ́ yín. Àfikún ni ìyàtọ̀ tí ohun tí ẹ rí mú bá ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀ka yín gbà gbọ́, tàbí ohun tí wọ́n lè ṣe. Àbájáde lè wà láìsí ẹnikẹ́ni mìíràn nínú ọ̀rọ̀. Àfikún kò lè ṣe é, nítorí ó gbọ́dọ̀ ní «tẹ́lẹ̀» àti «nísinsìnyí» nínú.

Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò rọrùn. Ẹ mú gbólóhùn tí ẹ pè ní àfikún, kí ẹ bi í pé: ta ni yóò yí nǹkan padà nítorí gbólóhùn yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ «onímọ̀ tó ń kọ́ni pé báyìí ló rí», tàbí «ẹni tó ń lo irú ọ̀nà ìwádìí báyìí», tàbí «ilé iṣẹ́ tó ń dá àwọn àgbẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́», àfikún ni. Bí kò bá sí ẹni tí yóò yí ohunkóhun padà, àbájáde lásán ni, ẹ fi í sílẹ̀ sínú ìwé.

Àfikún lè jẹ́ ìmọ̀ tuntun nípa nǹkan, ó lè jẹ́ ọ̀nà ìwádìí, ó lè jẹ́ àlàyé tó tún èrò àtijọ́ ṣe. Ó tún lè jẹ́ ohun èlò: àkójọ orin Ẹ̀fẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ ní Kétu, tí a sì tò bí ó ti yẹ kí ẹlòmíràn lè lò ó, jẹ́ àfikún fúnra rẹ̀, bí ẹni tó kó o jọ kò bá tiẹ̀ tíì tú gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ má ka ju mẹ́ta lọ fún júrì. Méjì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sàn ju márùn-ún lọ, torí gbogbo èyí tí ẹ bá dárúkọ ni wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín léèrè lé lórí.

Báwo ni kí n ṣe pín ìṣẹ́jú márùn-ún náà?

Ìdajì ìṣẹ́jú fún ìkíni àti àkọlé. Ìṣẹ́jú kan fún ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ àti ihò tó wà nínú rẹ̀. Ìdajì ìṣẹ́jú fún ìbéèrè yín àti ọ̀nà tí ẹ gbà wá ìdáhùn. Ìṣẹ́jú méjì odidi fún àfikún. Ìdajì ìṣẹ́jú fún ibi tí iṣẹ́ náà kò dé, ìdajì tó kù fún ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni ìṣẹ́jú kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìtàn ẹ̀ka ìmọ̀ rẹ̀, á máa dárúkọ àwọn òǹkọ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó bá fi máa dé orí àfikún, alága ti ń wo aago. Bí ẹ bá ń dánra wò, ẹ sàmì sí etí ìwé yín níbi tó yẹ kí ẹ wà ní ìṣẹ́jú kejì gééré: gbólóhùn àfikún àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì dé ibẹ̀, ohun tó wà lókè ni kí ẹ gé. Ẹ má fi ìkánjú sọ̀rọ̀ láti fi dí i.

Ọ̀rọ̀ mélòó ló wọ inú ìṣẹ́jú márùn-ún?

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níwájú àwọn àgbà máa ń sọ tó 120 sí 130 ọ̀rọ̀ Faransé láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ 550 sí 600 ọ̀rọ̀, kí èémí lè wà. Ó lé díẹ̀ ní ojú ewé kan bí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ra. Ẹ kà á sókè ketekete pẹ̀lú aago, nítorí kíkà sínú máa ń yára ju ti ẹnu lọ púpọ̀, òun ló sì ń tan èèyàn jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Kétu kọ tẹ́ẹ̀sì lórí ìpamọ́ ẹ̀wà nínú àpò onípele mẹ́ta. Òótọ́ ni ohun tí a máa sọ nípa bí àpò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ti tẹ́ẹ̀sì àti àbájáde rẹ̀, a dá wọn sílẹ̀ kí a lè fi ṣàlàyé ni. Yorùbá la fi kọ ọ́ níbí. Lọ́jọ́ ìgbèjà, èdè tí wọ́n fi kọ tẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ fi sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, ọ̀nà tí kò dára: «Tẹ́ẹ̀sì mi dá lórí ìpamọ́ ẹ̀wà ní agbègbè Kétu. Ẹ̀wà ṣe pàtàkì púpọ̀ fún oúnjẹ àwọn èèyàn wa. Mo ṣèwádìí ní abúlé mẹ́ta, mo yẹ 90 àpò wò, mo sì rí ọ̀pọ̀ àbájáde tó wúlò.» Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí «tẹ́lẹ̀» níbẹ̀, kò sì sí «nísinsìnyí».

Ọ̀nà kejì rèé: «Ike méjì ló wà nínú àpò onípele mẹ́ta, àpò híhun kan sì bò wọ́n níta. Bí a bá so ẹnu rẹ̀ dáadáa, kòkòrò tó bá ẹ̀wà wọlé láti oko á lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, á sì kú láìlo oògùn. Èyí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti 2007 sì ni wọ́n ti ń tan irú àpò bẹ́ẹ̀ kálẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. A sì mọ̀ pé kòkòrò lè lu ike inú. Ohun tí a kò rí kà níbi kankan ni ibi tí àpò tí àgbẹ̀ ti lò fún ọdún méjì ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́.

«Àfikún àkọ́kọ́ tẹ́ẹ̀sì yìí ni pé, nínú àwọn àpò tí mo yẹ̀ wò, ibi ìsoẹnu ni ike ti ń ya ju ibòmíràn lọ, okùn ló sì ń fà á ju kòkòrò lọ. Orí kẹrin ni mo ti fi èyí hàn. Àfikún kejì jẹ́ ọ̀nà ìwádìí: mo pín àpò sí ẹnu, ara àti ìdí, mo sì kọ ipò àti ìrísí ihò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí a lè mọ ihò tí eyín kòkòrò lu yàtọ̀ sí yíya tí okùn fà. Ẹlòmíràn lè lò ó fún irè oko mìíràn. Ẹ̀wà nìkan ni mo wò, agbègbè kan ṣoṣo sì ni. N kò lè sọ bí yóò ṣe rí fún àgbàdo, tí ìwọ̀n àti ìrísí rẹ̀ yàtọ̀.»

Ẹ wo ohun tí ọ̀nà kejì ṣe. Ó fún àwọn tó ṣáájú ní ẹ̀tọ́ wọn kí ó tó sọ ohun tí wọn kò ṣe. Ó dárúkọ orí tí ẹ̀rí wà. Ó sọ pé «nínú àwọn àpò tí mo yẹ̀ wò», kò sọ pé «àpò». Ìbéèrè tí júrì máa kọ́kọ́ bi í sì ti hàn gbangba: báwo lo ṣe mọ̀ pé okùn ló ya á, tí kì í ṣe kòkòrò? Ìbéèrè tó ti múra sílẹ̀ fún nìyẹn. Bí ẹ ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú yín ló ń sọ ọ̀nà tí ìbéèrè máa gbà, nítorí náà ẹ gbé àfikún tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù síwájú.

Báwo ni ìkíni ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó? Àwọn òbí mi àti ẹbí máa wà níbẹ̀.

Ẹ kí alága júrì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ júrì lápapọ̀, kí ẹ wá fi gbólóhùn kan kí àwọn tó jókòó. Ó tó. Ìkíni kò ṣeé fò lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sì fò ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi kó tó ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n ìkíni yàtọ̀ sí ọpẹ́. Ọpẹ́ fún ọ̀gá tó tọ́ yín sọ́nà, fún bàbá àti ìyá yín, fún àwọn tó gbà yín sílé ní abúlé, ìgbà tí júrì bá ti padà láti ibi ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ wọn tí wọ́n ti kéde èsì ni àyè rẹ̀. Nígbà náà, ẹ lè dá a bó ṣe yẹ, kò sí ẹni tí yóò wo aago.

Bí ẹ bá mọ̀ pé àwọn àgbà ilé tí kò gbọ́ Faransé máa wá, ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún wọn ní Yorùbá nílé lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ń ran ẹ̀yin náà lọ́wọ́: àfikún tí ẹ kò bá lè sọ fún ìyá àgbà nílé láìlo ọ̀rọ̀ ìwé, kò tíì yé ẹ̀yin gan-an tó.

Ṣé kí n lo dìápò?

Ẹyọ kan péré, bí ẹ bá fẹ́: àkọlé lókè, gbólóhùn àfikún méjì tàbí mẹ́ta nísàlẹ̀. Kí ó wà lójú ògiri látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún ọmọ ẹgbẹ́ júrì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, torí iná lè lọ.

Ṣé kí n kà á ni, àbí kí n sọ ọ́ láìwo ìwé?

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, ẹ dánra wò títí yóò fi mọ́ yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé náà dání. Gbólóhùn mẹ́ta ni a ń rọ̀ yín pé kí ẹ há sórí bó ṣe wà gẹ́lẹ́: èyí tó sọ ihò tó wà nínú ìmọ̀, àti gbólóhùn àfikún méjèèjì. Ojú júrì ni kí ẹ máa wò nígbà tí ẹ bá ń sọ wọ́n. Ìyókù, ẹ lè máa bojú wo ìwé.

Ẹ má há gbogbo rẹ̀ sórí. Ẹni tó há odindi ọ̀rọ̀ sórí, bí alága bá dá a dúró láàárín, kì í mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ṣé mo lè sọ pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Ó dọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe wá a kiri tó. «Kò sí ẹni tó ṣe é rí» jẹ́ gbólóhùn tí ọmọ ẹgbẹ́ júrì kan lè wó pẹ̀lú àpilẹ̀kọ ẹyọ kan, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àpilẹ̀kọ náà, nígbà tí ìwé Faransé nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ kà. Ó burú jù fún ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ààlà. Ẹni tó kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tàbí nípa ẹ̀ka èdè Yorùbá ní Ṣábẹ̀ẹ́ láìwo ohun tí wọ́n ti kọ ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Gbólóhùn tó dúró ni èyí tó ní ààlà: «Nínú ohun tí mo rí kà ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì títí di ìgbà tí mo fi tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, n kò rí iṣẹ́ tó wo ibi tí àpò ti ń ya.» Bí wọ́n bá wá fa ìwé kan yọ, ẹ kò tíì parọ́. Ẹ dúpẹ́, ẹ béèrè ohun tí òǹkọ̀wé náà wò, kí ẹ wá sọ ibi tí tiyín fi yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Iṣẹ́ mi fi hàn pé ohun tí mo rò kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ní àfikún?

Ẹ ní in, bí èrò tí ẹ dán wò bá jẹ́ èyí tí àwọn onímọ̀ gbà gbọ́ lóòótọ́, tí ìwádìí yín sì lágbára tó láti rí i ká ní ó wà. Ohun méjèèjì yìí ni kí ẹ sọ. «Èrò tó gbilẹ̀ ni pé báyìí ló rí, mo dán an wò ní ọ̀nà tí ì bá fi hàn ká ní òótọ́ ni, kò hàn.» Bí ẹ bá sọ àkọ́kọ́ láìsọ ìkejì, júrì á rò pé àpẹẹrẹ tí ẹ kó jọ ló kéré jù, wọ́n sì lè jàre.

Bí ó bá jẹ́ èrò tiyín nìkan ni, tí ẹlòmíràn kò gbà á gbọ́ rí, ẹ má gbé e síwájú. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ìwádìí yín tàbí àkójọ tí ẹ ṣe ni àfikún gan-an.

Èmi àti ọ̀gá mi la jọ kọ àpilẹ̀kọ tó ti inú tẹ́ẹ̀sì jáde. «Mo» ni kí n lò ni, àbí «a»?

Ẹ lo «mo» fún ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe, «a» fún ohun tí ẹ jọ ṣe, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó dàrú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń sá fún «mo» nítorí ọ̀wọ̀, wọ́n á máa ní «a ṣe, a rí» láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A mọ ibi tí ó ti wá, ó sì bá ẹ̀kọ́ ilé mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ fún ní oyè, bí júrì kò bá rí ibi tí iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á béèrè, ìbéèrè náà kò sì ní dùn ún dáhùn níwájú ọ̀gá yín. Ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ ṣáájú: «Bàbá, báyìí ni mo ṣe fẹ́ pín in.» Gbólóhùn kan ti tó níwájú júrì: «Ọ̀gá mi ló dá ìmọ̀ràn pé ká wo àpò àtijọ́, èmi ni mo ṣe ọ̀nà tí a fi ka ihò, èmi ni mo sì lọ kà wọ́n.»

Ọ̀kan nínú àwọn tó ka tẹ́ẹ̀sì mi kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé àfikún mi kò hàn. Ṣé kí n dá a lóhùn nínú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni, láìdárúkọ rẹ̀, láìsì sọ pé ẹ ń dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ ka ìròyìn náà dáadáa kí ẹ lè mọ èyí tó ń sọ. «Kò hàn» lè túmọ̀ sí pé ẹ kò sọ ọ́ kedere nínú ìwé. Ìyẹn rọrùn, ẹ sọ ọ́ kedere níbí kí ẹ sì dárúkọ ojú ewé tí ó wà. Ó tún lè túmọ̀ sí pé ó mọ iṣẹ́ kan tó ti sọ ohun kan náà ṣáájú. Nígbà náà, ẹ lọ wá iṣẹ́ náà kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ mú un wá sí inú ìṣẹ́jú «ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀», kí ẹ sì sọ ní gbólóhùn kan ibi tó parí sí. Ẹni tó kọ ìròyìn yóò gbọ́ pé ẹ ti ka ohun tí ó kọ, ó sì máa ń jẹ́ kí ìbéèrè rẹ̀ rọ̀.

Èyí tí kò dára ni kí ẹ máa tún gbólóhùn àtijọ́ sọ pẹ̀lú ohùn tó le jù.

Bí alága bá dá mi dúró ní ìṣẹ́jú kẹta ńkọ́?

Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kódà bí gbólóhùn kò bá tíì parí. Bí ìbéèrè ni, ẹ dáhùn ní ṣókí, kí ẹ béèrè bóyá kí ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá ní kí ẹ parí rẹ̀, ẹ ní 20 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ má fi í tọrọ àforíjì. Ẹ fò lọ sí gbólóhùn àfikún kejì tí ẹ ti há sórí, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì fi «Mo dúpẹ́, alága» parí rẹ̀. Ohun tí ẹ kò ráyè sọ nípa ibi tí iṣẹ́ kò dé, júrì fúnra wọn á béèrè rẹ̀.